Èmi Kọ́ Ni Mo Tú Ìwé Yẹn

Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń bí mi nínú, kí n má parọ́. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ báyìí, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n lábẹ́ tábìlì bí ẹni pé jẹnẹrétọ̀ ló wà nísàlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà nílùú ọba. Oyún wà níkùn ẹ̀, àwọn dókítà sì ti sọ pé iṣẹ́ abẹ làwọn máa fi gbé ọmọ náà jáde. Ọkọ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òru níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Kò sí ìyá, kò sí àǹtí, kò sí aládùúgbò tó máa kanlẹ̀kùn pé ṣé o ti jẹun. Ló bá pè wá lórí fóònù, ó ń sunkún. Ẹ̀gbọ́n mi kì í sunkún o. Nígbà tá a sá kúrò ní Àbíján nígbà ogun, tó jẹ́ pé òun ló pọ̀n mí, kò sunkún. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí màámi wá. Tí wọ́n bá la inú mi tán, ta ló máa bá mi gbé ọmọ? Mi ò lè dá a ṣe."

Màámi dìde. Wọ́n lọ gbé báàgì wálẹ̀ lórí wọ́dúróòbù.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi bá wọn fi fọ́ọ̀mù visa ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sanwó, ó mú ọjọ́ tí wọ́n máa lọ tẹ ìka, tí wọ́n máa ya fọ́tò ní Ìkẹjà. Gbogbo ìwé ti pé tán, ó ku ẹyọ kan: ìwé tó máa fi hàn pé màámi ló bí ìyàwó ẹ̀ lóòótọ́. Ìwé ìbí ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Ó wà lọ́dọ̀ wa ní Ketu, nínú àpótí màámi, lábẹ́ ìró. Wọ́n ti lámínéètì ẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́, torí màámi, gbogbo ìwé tó bá ti ní òǹtẹ̀ lára, ọ̀rá ni wọ́n máa fi bò ó, tí agbára wọn bá ká a wọn á lámínéètì àwa ọmọ náà.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Àbíján ni wọ́n ti bí wa. Àwọn òbí wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, wọ́n lọ ń ṣòwò níbẹ̀ bíi ti ọ̀pọ̀ èèyàn wọn. Bàbá mi ń ránṣọ, màámi ń ta abọ́. Àwọn aláṣẹ ìlú ọba sì sọ pé tí ìwé ò bá ti sí lédè Gẹ̀ẹ́sì, àfi kí wọ́n túmọ̀ ẹ̀, kí ìtumọ̀ yẹn sì ní ìjẹ́rìí lára.

Mo ní, "Èwo ló wá le níbẹ̀? Ṣé èmi ò gbọ́ Faransé ni?"

Mo gbọ́ Faransé o. Kíláàsì kejì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo wà nígbà tá a sá wálé, ṣùgbọ́n mo fi fóònù kọ́ ìyókù fúnra mi. Iṣẹ́ fóònù ni mo ń ṣe, mo ń tún un ṣe ní Ketu. Àwọn tó ń kó ọjà wá láti Kùtọnu sí Mile 12, èmi ni wọ́n máa ń pè tí ọ̀rọ̀ bá dojú rú láàárín àwọn àti oníbàárà. Kò sẹ́ni tó fún mi ní sáṣífíkéètì. Mi ò sì tọrọ.

Ni mo bá jókòó ti kọ̀mpútà ní bísíńẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, mo tú ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ tí wọ́n bí i, ìlú, orúkọ ẹ̀, orúkọ bàbá, iṣẹ́ bàbá. Nígbà tí mo dé orúkọ ìyá, mo dúró. Orúkọ màámi ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ bàbá tiwọn ni wọ́n kọ tẹ̀ lé e, kì í ṣe orúkọ ọkọ. Nínú páàsì wọn, orúkọ ọkọ ló wà. Mo ní ẹ wo àwọn akọ̀wé yìí. Obìnrin tó ti wà nílé ọkọ, tó ti bímọ, ẹ wá ń kọ ọ́ bí ẹni tí wọn ò tíì fẹ́. Lójú tèmi, àṣìṣe ni. Mo bá wọn ṣàtúnṣe ẹ̀. Mo kọ orúkọ tó wà nínú páàsì. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, àwọn ìlà kan wà fún ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀ àti ikú, tí akọ̀wé kàn kọ sí i pé kò sí. Mo fò ó. Kí ni mo fẹ́ fi kò sí ṣe? Mo fo òǹtẹ̀ náà. Mo wá kọ orúkọ mi sísàlẹ̀, mo fọwọ́ sí i, inú mi ń dùn.

Ọkùnrin tó ni bísíńẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà wò ó, ó mi orí. "Chairman, èyí ò tíì lágbára. Kóòtù ló máa fún un lágbára. Ẹ lọ búra sí i."

Bẹ́ẹ̀ làwa ṣe wà. Ní Èkó yìí, tí nǹkan kan bá sọnù, kóòtù. Tí ọjọ́ orí bá dojú rú, kóòtù. Òǹtẹ̀ pupa yẹn la fi ń wo gbogbo àìsàn.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti màámi ti wà ní kóòtù kí oòrùn tó mú. Ọkùnrin kan jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù pẹ̀lú kọ̀mpútà alágbèéká, òun ló ń bá èèyàn tẹ afidáfíìtì. Mo ṣàlàyé fún un. Kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ó ní, "Ta ló ń gba visa?"

"Ìyá mi ni."

"Ìyá ló máa búra nìyẹn. Ẹni tó ni ìrìn àjò ló ni ìbúra."

Ó tẹ̀ ẹ́ fún wa, ó lẹ fọ́tò màámi mọ́ ọn, a wọ inú ọ́fíìsì. Obìnrin kan tó wọ awò ojú ló jókòó síbẹ̀, òun ni wọ́n ń búra lójú ẹ̀. Ó gbé Bíbélì sọ́wọ́ ọ̀tún, Kùránì sọ́wọ́ òsì, àga onígi kan wà níwájú ẹ̀ tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan kúrú. Màámi jókòó, wọ́n gbé ọwọ́ lé Kùránì.

Obìnrin yẹn bi wọ́n pé, "Màámi, ẹ máa fọwọ́ kọ orúkọ ni, àbí ẹ máa tẹ̀ka?"

"Mo máa tẹ̀ka ni. Mi ò kàwé."

"Ó dáa. Mo gbọ́dọ̀ kà á fún yín ní Yorùbá kí ẹ tó tẹ̀ka. Òfin nìyẹn." Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Pé èmi, Mùsùlùmí, ọmọ Nàìjíríà, tí mò ń gbé ní Ketu, mo fi Ọlọ́run búra pé èmi fúnra mi ni mo tú ìwé ìbí yìí láti èdè Faransé sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, àti pé bó ṣe wà gẹ́lẹ́ ni mo ṣe tú u.

Màámi gbé ọwọ́ kúrò lórí Kùránì bí ẹni tí ìkòkò gbígbóná jó lọ́wọ́.

"Èmi kọ́ ni mo tú ìwé yẹn."

Ọkùnrin abẹ́ igi ti tẹ̀ lé wa wọlé, ó rẹ́rìn-ín. "Màámi, ẹ kàn gbé ọwọ́ lé e. Ìwé lásán ni."

"Ìwé lásán?" Màámi yí ojú sí i. "Kùránì ló wà níbí yìí, ìwọ ń pè é ní ìwé lásán? Ṣé báyìí ni ìyá tìrẹ ṣe ń búra kiri?"

"Ẹ má bínú, màámi. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ò gbọ́ Faransé ni?"

"Mo gbọ́ Faransé ọjà. Mo lè bú ẹ ní Faransé kó o má mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò kà á, mi ò kọ ọ́, mi ò sì tú ìwé kankan."

Àwọn tó wà lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín. Orí mi gbóná. Ọjọ́ tí wọ́n máa tẹ ìka ti ń sún mọ́lé, ẹ̀gbọ́n mi ń fi ohùn ránṣẹ́ láàárọ̀ lálẹ́, ibo la dé, ibo la dé, ìyá mi wá jókòó síbí ń bá èèyàn jiyàn.

Mo ní, "Màámi, ẹ̀ ń fi àkókò ṣòfò! Èmi ni mo tú u, ilé kan náà la wà, kí ni ìyàtọ̀ ẹ̀? Ọmọ yín fẹ́ bímọ!"

Wọn ò pariwo. Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú mi. "Ọwọ́ yìí ni mo fẹ́ fi lọ wẹ ọmọ ọmọ mi. Ṣé irọ́ ni kí n kọ́kọ́ fi pa?"

Mo fẹ́ dáhùn, obìnrin onígíláàsì yẹn ló dá mi dúró. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, jókòó. Tí wọ́n bá máa búra sí ìtumọ̀, ẹni tó tú u ló ń búra. Ìwọ lo tú u, kí lo jẹ́ sí ẹni tó ni ìwé?"

"Àbúrò ẹ̀ ni mí."

Ó wò mí lókè awò ojú ẹ̀. "Mo lè lu òǹtẹ̀ fún ẹ báyìí báyìí. Ṣùgbọ́n jẹ́ n là á yé ẹ. Ohun tí òǹtẹ̀ tèmi ń sọ ò ju pé o búra lójú mi. Kò sọ pé ohun tó o kọ dáa. Èmi ò mọ Faransé. Àwọn tó ń fúnni ní visa á wo orúkọ bàbá tó o ń jẹ́, wọ́n á wo ti ẹ̀gbọ́n ẹ, wọ́n á ní ọmọ ilé ló tú ìwé fún ọmọ ilé. Lọ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kó o tó ná owó."

A jáde. Mo gbá igi fúrúùtù yẹn nípàá. Ẹsẹ̀ mi ló dùn mí.

Níbẹ̀ ni mo ti pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó ṣí ojú ìwé ìjọba tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó kà á fún mi díẹ̀díẹ̀. Wọn ò dárúkọ kóòtù níbẹ̀ rárá. Wọ́n ní kí wọ́n tú gbogbo ìwé náà pátá, kí ògbufọ̀ jẹ́rìí sí i pé ìtumọ̀ òun péye, kó kọ ọjọ́ tó tú u, kó kọ orúkọ ẹ̀ ní kíkún, kó fọwọ́ sí i, kó sì kọ bí wọ́n ṣe lè rí òun bá sọ̀rọ̀, kí wọ́n lè wádìí ẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́.

Mo ní, "Kí wọ́n pè mí nígbà náà. Mo ní nọ́ńbà."

Ẹ̀gbọ́n mi mí kanlẹ̀. "Kí wọ́n pè ẹ́, kó o wá bú wọn? Jọ̀ọ́, wá ẹni tó ń fi ṣiṣẹ́ ṣe. Mo bẹ̀ ẹ́."

Oníbàárà mi kan wà, mo ti tún fóònù ẹ̀ ṣe rí. Gbogbo ìgbà ni ọ̀rọ̀ Faransé máa ń wọlé sórí ẹ̀. Àǹtí kan ni, inú ẹ̀sìtéètì kan lápá Ìkòsí ló ń gbé, iṣẹ́ ògbufọ̀ ló ń ṣe fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń bá Lomé àti Kùtọnu dòwò pọ̀. Mo pè é. Ó ní ká máa bọ̀, kí n mú ojúlówó ìwé náà dání, kì í ṣe ẹ̀dà.

Mégáàdì ẹnu géètì ò jẹ́ ká wọlé.

"Ta lẹ̀ ń wá?"

Mo sọ fún un.

"Ẹ pè wọ́n kí wọ́n fún mi láṣẹ."

Fóònù mi ò gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo gbé e sókè, mo gbé e wálẹ̀.

Ó ní, "Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń tún fóònù ṣe."

Ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ géètì. "Ẹ ò wá kọ́kọ́ tún tiyín ṣe!"

Ká ní kì í ṣe pé màámi di ṣẹ́ẹ̀tì mi mú lẹ́yìn, màá ti ṣe nǹkan tí màá fi sun àtìmọ́lé. Wọ́n kí i, wọ́n bi í léèrè ilé, ó tiẹ̀ jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́. Ó ṣí géètì fún wọn. Èmi náà gbẹ́yìn wọn wọlé.

Àǹtí yẹn gba ìwé ìbí náà, ó gbé e lọ sójú fèrèsé torí ọ̀rá náà ń dán. Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó wá gba bébà tí mo tẹ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìwọ lo ṣe èyí? O gbìyànjú o. Níbo lo ti kọ́ ọ?"

Mo ní, "Èmi ni mo kọ́ ara mi."

"Ó dáa." Ó ka ìsàlẹ̀, ojú ẹ̀ yí padà. "Orúkọ ìyá ńkọ́? Èyí kọ́ ló wà níbí."

"Mo ṣàtúnṣe ẹ̀ ni. Wọ́n ṣì í kọ ni."

"Ta ló ní kó o ṣàtúnṣe?"

"Ma?"

"Mo ní ta ló rán ẹ? Iṣẹ́ wa kì í ṣe àtúnṣe. Tí akọ̀wé bá kọ ọ́ síbí pé ewúrẹ́ ló bí ẹ̀gbọ́n ẹ, ewúrẹ́ ni màá kọ, màá wá fi sísàlẹ̀ pé bí mo ṣe bá a nìyẹn." Ó gbé bébà méjèèjì ti ara wọn. "Ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò nìyí. Á wo ibí, á wo ibí. Orúkọ kan níbí, orúkọ mìíràn níbí. Ṣé o rò pé á ní ọmọ yìí ò gbọ́ Faransé dáadáa? Á ní wọ́n parọ́ fún òun ni. Tí wọ́n bá sì ti kọ irọ́ sí orúkọ màámi lọ́hùn-ún, wọ́n lè tilẹ̀kùn mọ́ wọn fún ọdún mẹ́wàá."

Màámi ní, "Ọdún mélòó?"

Àǹtí na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sókè.

Orí mi ti ń hó. Mo ní, "Àǹtí, tẹ́ ẹ bá kọ orúkọ bàbá wọn sí i, tí páàsì wá ní orúkọ ọkọ, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé ẹnì kan náà ni? Wọ́n á ṣì ní kì í ṣe ìyá ẹ̀!"

"Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ògbufọ̀."

"Iṣẹ́ ta wá ni? Gbogbo yín ṣáà ń sọ ohun tí kì í ṣe iṣẹ́ yín! Ti kóòtù ní òun ò mọ Faransé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Faransé, ẹ ní kì í ṣe iṣẹ́ yín!"

Mo jáde, mo gbá ilẹ̀kùn dé mọ́ wọn. Ilẹ̀kùn olówó, kò tiẹ̀ dún. Mo dé ẹnu géètì, mégáàdì ní, "Wọ́n ti lé ẹ?" Mo ń rìn lọ rìn bọ̀ lójú ọ̀nà ọlọ́dà wọn yẹn, tó mọ́ bí ẹni pé wọ́n ń fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé òótọ́ ni Àǹtí sọ. Ká ní irọ́ ló pa, mi ò bá ti tutù.

Nígbà tí mo padà wọlé, mo bá àwọn méjèèjì tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Màámi ń fi Faransé ọjà bá a ná abọ́ tí kò sí níbẹ̀, Àǹtí ń fọwọ́ dikùn mú.

Màámi rí mi, wọ́n ní, "Jókòó. Kò sẹ́ni tó ṣi orúkọ mi kọ. Bàbá ẹ fúnra ẹ̀ ló pe orúkọ yẹn fún akọ̀wé, mo dúró tì í, mo gbé ẹ̀gbọ́n ẹ sọ́wọ́."

Àǹtí ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Àbíján nìyẹn, obìnrin kì í fi orúkọ bàbá ẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé ìbí ọmọ ẹ̀, ì báà lọ́kọ mẹ́ta.

"Nígbà tí mo wà ní Àbíján," màámi ní, "orúkọ bàbá mi ni gbogbo ọjà fi ń pè mí. Ketu níbí ni mo ti di ìyàwó ẹnì kan, tí mo di ìyá ẹnì kan. Ìwọ wá fẹ́ fi kọ̀mpútà pa bàbá mi rẹ́."

Mo ní, "Ẹ má bínú, ma," mi ò tiẹ̀ mọ ẹni tí mò ń sọ ọ́ fún nínú àwọn méjèèjì.

Àǹtí wá sọ ohun tá a máa ṣe. Òun á tú ìwé bó ṣe wà. Màámi ni yóò lọ búra fúnra wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí ìtumọ̀. Wọ́n á búra sí orúkọ: pé kí wọ́n tó relé ọkọ, orúkọ bàbá wọn ni wọ́n ń jẹ́, pé orúkọ ọkọ ni wọ́n ń jẹ́ báyìí, pé ẹnì kan náà ló ni orúkọ méjèèjì. Ìwé méjì, ẹlẹ́rìí méjì, kálukú jẹ́rìí sí ohun tó mọ̀.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo rò pé á tán kíákíá. Ìwé ojú kan! Gbogbo nǹkan tí mo fò, ó tú u. Ìlà ìgbéyàwó: kò sí. Ìlà ikú: kò sí. Ó ní tóun bá fò ó, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe pé nǹkan wà níbẹ̀ tóun fi pa mọ́. Ó tú sítáǹpù kékeré tí wọ́n lẹ̀ síbẹ̀, ó ní sítáǹpù owó orí ni. Nígbà tó dé ibi òǹtẹ̀ ńlá, ó wò ó títí.

Mo ní, "Orúkọ àdúgbò wa ló wà níbẹ̀ yẹn, mo mọ̀ ọ́n."

"O rí i?"

"Mo mọ̀ pé òun ni."

"Mi ò bi ẹ́ pé ṣé o mọ̀. Mo ní ṣé o rí i?"

Mo sún mọ́ ọn. Ọ̀rá lámínéètì ti bò ó mọ́lẹ̀, yíǹkì ti fọ́nká. Mi ò rí i. Ó wá kọ ọ́ pé òǹtẹ̀ róbótó, apá kan ẹ̀ ò ṣeé kà. Ó dùn mí wọ eegun. Mo mọ̀ ọ́n o! Mo mọ̀ ọ́n, wọ́n kọ ọ́ pé kò ṣeé kà.

Iná lọ. Ó ní ká padà wá lọ́la. Mo yanu, màámi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, mo pa á dé.

Lọ́jọ́ kejì ó kó o fún wa: ìtumọ̀, ẹ̀dà ojúlówó ìwé tó so mọ́ ọn, ẹ̀rí tiẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ pé òun gbọ́ èdè méjèèjì, pé ìtumọ̀ yìí péye, ó sì bá ojúlówó ìwé mu. Ọjọ́, orúkọ, ìfọwọ́sí, àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù, ímeèlì. Ó ní tí wọ́n bá pe òun, òun á gbé e, òun á sì rántí. Ó wò mí nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀.

A ti ibẹ̀ kọjá sí kóòtù. Ọkùnrin abẹ́ igi rí wa, ó kí màámi tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù, ó tẹ èyí tá a fẹ́. Obìnrin onígíláàsì kà á fún wọn ní Yorùbá. Màámi gbọ́ orúkọ bàbá wọn, wọ́n ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Wọ́n gbé ọwọ́ lé Kùránì, wọ́n tẹ gbogbo àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ọn, wọ́n búra. Ohùn wọn dé ìta. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

Mo fi fóònù ya gbogbo ìwé náà, mo fi ránṣẹ́ sí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ó tò wọ́n sórí fọ́ọ̀mù. A lọ sí Ìkẹjà, wọ́n tẹ ìka màámi, wọ́n ya wọ́n ní fọ́tò, wọ́n gba páàsì. Ó tán. Kò tán o, ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Dídúró! Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Mo tú fóònù oníbàárà, mo gbàgbé bó ṣe ń padà. Mo bá oníbàárà mi kan jà lórí gíláàsì ojú fóònù. Ẹ̀gbọ́n mi ní wọ́n ti fún òun lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ. Màámi ti kó ọṣẹ dúdú àti òrí sínú báàgì, wọ́n ń tú u, wọ́n ń tún un dì. Bí fóònù bá ti dún, àwa méjèèjì ló máa ń fò dìde.

Nígbà tí ìròyìn dé pé ká wá gba páàsì, mi ò lè dúró délé. Mo fa àpò ìwé tí wọ́n fi páàsì náà sí ya ní ẹnu ọ̀nà wọn. Visa wà níbẹ̀. Màámi jókòó sórí bèbè gọ́tà pẹ̀lú aṣọ ìjáde wọn.

Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ gan-an ni bààlúù wọn balẹ̀. Láti pápá ọkọ̀ òfuurufú, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi gbé wọn lọ tààrà sí ọsibítù, pẹ̀lú báàgì, pẹ̀lú ọṣẹ dúdú. Òun ló sọ èyí fún mi. Mo ti di gbogbo ìwé yẹn sínú fáìlì kan fún wọn, ìtumọ̀, ìbúra, gbogbo ẹ̀, mo ní kí wọ́n gbé e lọ́wọ́, kí wọ́n má gbé e sínú ẹrù. Wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì bi wọ́n pé ta ni wọ́n. Màámi ti fẹ́ ṣí fáìlì. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní, ìyá ìyàwó mi ni.

Nọ́ọ̀sì ṣílẹ̀kùn. Ó kàn ṣílẹ̀kùn ni. Kò béèrè ìwé kankan.

Mo gbọ́ ìyẹn, mo bú mégáàdì, mo bú ọkùnrin abẹ́ igi, mo bú ìjọba, mo bú ọ̀rá lámínéètì. Màámi gba fóònù lọ́wọ́ àna wọn, wọ́n ní, "Má pariwo. Ọmọ ń sùn."